Nígbà tí omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ bá ti di ewédú: pH ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí kilorínì tó tẹ̀lé e

Lọ́jọ́ Ajé, omi adágún hòtẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í fàwọ̀ ewé. Òṣìṣẹ́ bu kilorínì kọ́ọ̀bù mẹ́ta, ó fọ́n ọn sínú omi ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó bu mẹ́rin. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn àlejò òpin ọ̀sẹ̀ ń bọ̀, dúrọ́ọ̀mù kilorínì ti ń lọ sí ìdajì, omi sì ki bí ewédú. Máníjà á ní ayédèrú ni kilorínì tí wọ́n tà fún òun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kilorínì náà kò lẹ́bi. Wọ́n dà á sínú omi tí pH rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń ga bí ásíìdì inú omi ṣe ń dín kù, ti ga jù, wọ́n sì dà á lójú oòrùn.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 7.2, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta kilorínì ló wà ní ipò tó ti lè pa kòkòrò àti ewé omi. Tí pH bá gòkè dé 8.2, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà lọ. Owó kan náà ni ẹ ná, agbára iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ sí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó yẹ kó jẹ́. Oòrùn ọ̀sán wá ń jẹ díẹ̀ tó kù: omi tí kò ní ohun tó ń dáàbò bo kilorínì lè pàdánù púpọ̀ jù nínú rẹ̀ láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta oòrùn gangan.

Adágún kékeré kan la ó fi ṣe àpẹẹrẹ títí dé òpin: gígùn mítà 10, fífẹ̀ mítà 5, ẹsẹ̀ kan rẹ̀ jìn ní mítà 0.9, èkejì ní mítà 1.5. Irú èyí ló pọ̀ ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìwé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo. Tí tiyín bá yàtọ̀, ẹ ó kàn ṣírò iye tiyín láti ara rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Ẹ̀rọ ìwọ̀n omi ló ṣáájú. Ẹ ra èyí tó ń lo tábílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ `DPD No. 1`, `DPD No. 3` àti `Phenol Red` sí lára, kí ó sì ní ti álíkálínítì àti ti sitabiláísà pẹ̀lú. Ẹ yẹra fún ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí omi inú rẹ̀ máa ń di yẹ́lò. Kilorínì tó ti rẹ̀ àti èyí tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àpapọ̀ méjèèjì ló ń fi hàn, kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ adágún ló ti di ewé níbi tí ẹ̀rọ yẹ́lò ti ń sọ pé kilorínì wà.

Lẹ́yìn náà:

- kilorínì oníhóró 65% tàbí 70% (orúkọ tó wà lára dúrọ́ọ̀mù ni Calcium Hypochlorite), ó kéré tán kílò 3
- ásíìdì adágún, ìyẹn Hydrochloric Acid 32%, lítà 3
- sódà báíkábónéètì, kílò 3
- álọ́ọ̀mù tí a ti gún, kílò 2.5
- búrọ́ọ̀ṣì adágún tó ní ọ̀pá gígùn, àwọ̀n, orí fákúùmù àti ọ́ọ̀sì rẹ̀
- garawa oníke funfun méjì, ọ̀pá oníke tàbí igi fún ríro, sikéèlì ìdáná
- ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgúnpá, awò ìdáàbòbo ojú, bàtà rọ́bà
- omi bátìrì ìgò kan (omi bátìrì ni mo wí o, kì í ṣe ásíìdì bátìrì)

Ibi tí ẹ ó kó wọn sí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ásíìdì àti kilorínì kò gbọdọ̀ sùn sínú yàrá kan náà. Tí méjèèjì bá pàdé, afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó wà nítòsí jẹ́ kó tó rí ẹnu ọ̀nà. Bákan náà, ẹ má ṣe da kilorínì oníhóró àti kilorínì tábílẹ́ẹ̀tì pọ̀ sínú ike kan, ẹ má sì fi kọ́ọ̀bù kan náà bu méjèèjì. Irú méjèèjì máa ń gbiná tí wọ́n bá pàdé, pàápàá tí omi díẹ̀ bá kán sí wọn.

Ìpele 1: Ẹ mọ iye omi tó wà nínú adágún

Ẹ sọ jíjìn ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì: 0.9 àti 1.5 jẹ́ 2.4, ìdajì rẹ̀ jẹ́ mítà 1.2. Gígùn nígbà fífẹ̀ nígbà jíjìn yìí: 10 × 5 × 1.2 = 60. Kúbíìkì mítà 60 nìyẹn, èyí tó jẹ́ lítà 60,000. Tí adágún bá rí róbótó, ẹ fi ìbú rẹ̀ lọ́nà ìbú rẹ̀, lọ́nà 0.785, lọ́nà jíjìn.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í ni pé jíjìn ẹsẹ̀ tó jìn jù ni wọ́n ń lò. Ìyẹn yóò sọ 60 di 75, gbogbo oògùn tí ẹ bá sì wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò fi ìdá kan nínú mẹ́rin pọ̀ jù. Ẹ wọn jíjìn láti ojú omi, ẹ má wọ̀n ọ́n láti orí bèbè.

Ẹ fi ọ̀dà kọ iye náà sára ògiri yàrá pọ́ǹpù. Ẹni tí yóò wọn kilorínì lọ́la lè má jẹ́ ẹni tó wọ̀n ọ́n lónìí.

Ìpele 2: Ẹ mọ irú àwọ̀ ewé tó jẹ́, kí ẹ tó wọn omi

Kì í ṣe gbogbo omi tó bá ti fàwọ̀ ewé ni ewé omi wà nínú rẹ̀. Ẹ fi garawa funfun bu omi náà, kí ẹ sì fi ọwọ́ pa ògiri adágún lábẹ́ omi. Tí ògiri bá ń yọ̀ bí ara ẹja àrọ̀, tí omi inú garawa sì rú, ewé omi ni. Tí ògiri kò bá yọ̀, tí omi mọ́ gaara ṣùgbọ́n tó ní àwọ̀ bíi tíì tàbí ewé, irin tàbí kọ́pà ló wà nínú rẹ̀, kilorínì kò sì ní yanjú rẹ̀.

Omi bọ́hóòlù ló sábà máa ń gbé irin wọlé lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ lè dán an wò kí ẹ tó fi í kún adágún: ẹ bu omi bọ́hóòlù tuntun sínú garawa funfun, ẹ fi ìka méjì mú kilorínì díẹ̀ sí i, kí ẹ rò ó, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Tó bá ń di pupa rúsúrúsú bí omi ìpẹta, irin wà nínú rẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú asẹ́ ìyọ-irin kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ògiri adágún yóò pọ́n. Ti kọ́pà, ọwọ́ àwọn tó ń da búlúù sítóònù sínú omi ló ti ń wá. Lóòótọ́ ó ń pa ewé omi, ṣùgbọ́n kì í lọ: inú omi ló ń jókòó sí títí pH yóò fi gòkè, á wá lẹ̀ mọ́ ògiri ní àbàwọ́n, á sì sọ irun funfun di aláwọ̀ ewé. Mi ò rí ìdí tí hòtẹ́ẹ̀lì kan fi nílò rẹ̀.

Tó bá ti dájú pé ewé omi ni, ẹ wọn nǹkan mẹ́rin ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó dé. Ẹ ti apá bọ omi títí dé ìgúnpá kí ẹ tó bu èyí tí ẹ ó wọ̀n, jìnnà sí ibi tí omi pọ́ǹpù ti ń tú jáde. Ká ní ohun tí adágún tiwa fi hàn nìyí, tí ppm kan jẹ́ gíráàmù kan nínú kúbíìkì mítà omi kan:

- kilorínì tó wà lẹ́nu iṣẹ́: 0 ppm
- pH: 8.2
- álíkálínítì: 100 ppm
- sitabiláísà: 30 ppm

Álíkálínítì ni ohun tó ń di pH mú kó má máa fò sókè-sódò. 80 sí 120 dára. Sitabiláísà dà bí agboòrùn fún kilorínì, òun ni kì í jẹ́ kí oòrùn jẹ ẹ́ tán. Fún adágún tó wà níta gbangba, 30 sí 50 tó. Ewu tó wà nínú rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ wọn pH lẹ́ẹ̀mejì. Tí ìwọ̀n méjèèjì bá fi ju 0.2 lọ yàtọ̀ síra, bóyá ìgò ìwọ̀n kò mọ́ tàbí tábílẹ́ẹ̀tì ti gbó. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú tábílẹ́ẹ̀tì. Láti inú bébà rẹ̀ ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ bọ́ sínú ìgò.

Ìpele 3: Ẹ kó ìdọ̀tí kúrò, kí ẹ fọ asẹ́

Ewé igi, kòkòrò òkú àti ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ń jẹ kilorínì gẹ́gẹ́ bí ewé omi ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹ fi àwọ̀n kó ohun tó ṣeé kó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo ògiri àti ìsàlẹ̀, láti òkè lọ sísàlẹ̀. Ẹ tẹ ọwọ́ mọ́ àárín táìsì, igun, ẹ̀yìn àkàsọ̀ àti abẹ́ àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni ewé omi ń sá pamọ́ sí. Ara rẹ̀ ń yọ̀, ìyọ̀ náà sì ni asà rẹ̀: tí búrọ́ọ̀ṣì kò bá là á, ara òde ni kilorínì yóò pa, inú yóò wà láàyè, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ó ti padà.

Asẹ́ oníyanrìn ló kàn. Ẹ pa pọ́ǹpù. Ẹ gbé ọwọ́ fáàfù sí `BACKWASH`, ẹ tan pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta títí omi inú gíláàsì kékeré yóò fi mọ́. Ẹ tún pa á, ẹ gbé e sí `RINSE`, ẹ tàn án fún ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹ tún pa á, kí ẹ wá dá a padà sí `FILTER`. Ẹni tó bá yí fáàfù nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ yóò fa rọ́bà inú rẹ̀ ya. Láti ìgbà náà lọ, omi ìdọ̀tí àti omi tó mọ́ yóò máa gba ara wọn kọjá, kò sì sí oògùn tí yóò tún un ṣe.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka géèjì orí asẹ́ lẹ́yìn fífọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá fi 8 sí 10 PSI ga ju ìyẹn lọ, ó ti tó fífọ̀ mìíràn.

Ìpele 4: Ẹ sọ pH kalẹ̀ sí 7.2

Fún lítà 60,000 tí pH rẹ̀ jẹ́ 8.2 àti álíkálínítì 100, ásíìdì 32% tí yóò gbà tó lítà 1.5 tàbí kó lé díẹ̀. Ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan. Lítà 1 lẹ ó kọ́kọ́ lò.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò. Ẹ bu omi adágún lítà 8 sínú garawa, kí ẹ wá rọra da ásíìdì náà sórí omi. Omi ló ń ṣáájú, ásíìdì ló ń tẹ̀lé. Tí ẹ bá da omi sórí ásíìdì, ó lè hó kó sì ta sí yín lójú. Ẹ dúró sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí èéfín má baà bá yín. Kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́, kí ẹ sì máa da omi garawa náà yí ẹsẹ̀ tó jìn ká díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ojú kan lẹ ó dà á sí, nítorí ásíìdì wúwo ju omi lọ, ó ń rì, ó sì máa ń jẹ sìmẹ́ǹtì àárín táìsì. Ẹ má sì dà á sí ibi tí omi ti ń wọ pọ́ǹpù.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin tí pọ́ǹpù ti ń yí omi, ẹ wọ̀n ọ́n. Tó bá ṣì jẹ́ 7.5 tàbí 7.6, ẹ fi ìdajì lítà sí i. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kùnà ni pé wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn ò rí ìyàtọ̀, wọ́n da lítà mìíràn, ní ọ̀la pH ti jábọ́ sí 6.5, wọ́n wá ń ra sódà áàṣì láti gbé e padà. Wọ́n ra ásíìdì, wọ́n tún ra oògùn ásíìdì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: pH wà láàárín 7.2 àti 7.4 kí oòrùn tó wọ̀. Tí kò bá tíì débẹ̀, ẹ fi kilorínì dọ̀la. Mo mọ̀ pé ìpele yìí ló ń le jù fún máníjà tí àlejò ń fojú sọ́nà fún, ṣùgbọ́n kilorínì tí ẹ bá dà sínú pH 8 lálẹ́ yìí, ẹ ó tún un dà lọ́la.

Ìpele 5: Kilorínì lálẹ́

Nígbà tí sitabiláísà bá jẹ́ 30, ẹ gbé kilorínì dé 12 ppm. Tí kò bá sí sitabiláísà rárá, 10 tó. Ìṣirò rẹ̀ kò le: láti fi 1 ppm kún kúbíìkì mítà kan, ẹ nílò gíráàmù 1 kilorínì gidi. Fún 60, tí a ń fẹ́ 12, ó jẹ́ 60 × 12 = gíráàmù 720. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù jẹ́ 65%, nítorí náà 720 ÷ 0.65 fún wa ní nǹkan bí gíráàmù 1,100, ìyẹn kílò 1 àti díẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí sikéèlì. Kọ́ọ̀bù kò ṣeé gbára lé, nítorí bí hóró bá ṣe tóbi sí ni ìwọ̀n inú kọ́ọ̀bù ṣe ń yàtọ̀.

Tí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ pọn omi kún garawa dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ da kilorínì sórí omi, kò ju gíráàmù 250 sí 300 lọ nínú garawa kan, kí ẹ fi ọ̀pá rò ó. Yóò di funfun bí ògì. Ẹ jẹ́ kó sìnmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀. Omi orí rẹ̀ lẹ ó dà yí adágún ká, pọ́ǹpù sì ń ṣiṣẹ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ bu omi mìíràn sí i, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ da omi orí rẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi omi púpọ̀ ṣan án dànù. Hóró tó bá balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ adágún láìyòrò yóò fi ojú funfun sílẹ̀ lára ọ̀dà tàbí rọ́bà, kò sì ní kúrò mọ́.

Garawa tí ẹ fi po ásíìdì lọ́sàn-án kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ ó fi po kilorínì lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ra méjì. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sára wọn.

Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ tún fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ògiri, kí ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ mọ́jú. Tí iná ìjọba kò bá sí, tí ẹ sì ń ṣọ́ epo jẹnẹrétọ̀, wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́ lẹ́yìn kilorínì ni kí ẹ má fi ṣeré. Ìgbà yẹn ni kilorínì ń tàn dé gbogbo igun.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ní wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ da èyí tó gbẹ̀yìn: ìdẹkùn kan wà níbí. Tí kilorínì bá ti ju nǹkan bí 10 lọ, tábílẹ́ẹ̀tì `DPD No. 1` lè pọ́n fìrí kó sì di funfun padà, á wá dà bíi pé kò sí kilorínì rárá. Ẹni tí kò mọ̀ yóò da kílò mìíràn. Ẹ po omi adágún ìwọ̀n kan pọ̀ mọ́ omi bátìrì ìwọ̀n mẹ́rin, ẹ wọn àdàlù náà, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí di ìlọ́po márùn-ún. Tó bá fi 2.4 hàn, 12 nìyẹn. Ẹ má sì wọn pH ní àkókò yìí: kilorínì tó pọ̀ máa ń sọ àwọ̀ `Phenol Red` di àlùkò, á sì máa purọ́ fún yín pé pH ti ga.

Ìpele 6: Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì

Ẹ wọn kilorínì kí oòrùn tó yọ. Lálẹ́ kò sí oòrùn, nítorí náà ohunkóhun tó bá dín kù, ìdọ̀tí tàbí ewé omi ló jẹ ẹ́. Ká ní 12 ti di 4. Ó túmọ̀ sí pé ewé omi ṣì pọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó bá ti wálẹ̀ dé 2, ẹ gbé e padà sí 12: ó kù 10, 60 × 10 ÷ 0.65, ìyẹn nǹkan bí gíráàmù 920. Ẹ tún fọ ògiri, ẹ tún ka géèjì asẹ́. Nígbà tí òkú ewé omi bá ń wọ yanrìn, ó lè gbà kí ẹ fọ asẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Àwọ̀ omi yóò yí padà. Ewé rẹ̀ á ṣí, á di funfun bí omi ọ̀rí tàbí eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ̀rù nígbà tó bá dé ibí, wọ́n á ní oògùn ti ba omi jẹ́. Rárá o. Òkú ewé omi ló léfòó yẹn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìpele yìí ti parí nígbà tí kilorínì kò bá fi ju 1 ppm lọ dín kù láti alẹ́ sí òwúrọ̀, tí ògiri kò sì yọ̀ mọ́. Ó lè gba alẹ́ méjì; adágún tó ti pa tì fún oṣù kan lè gba márùn-ún. Ẹ tún wọn kilorínì tó ti rẹ̀: ẹ fi `DPD No. 1` wọ̀n, ẹ ka a, ẹ ju `DPD No. 3` sínú ìgò kan náà, kí ẹ tún kà á. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni èyí tó ti rẹ̀. Kò yẹ kó ju 0.5 lọ. Òun gan-an ló ń rùn, òun ló ń ta ojú àwọn ọmọ ilé ìwé. Nígbà tí àlejò bá ní «kilorínì omi yín pọ̀ jù, ó ń ta mí lójú», ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dín in kù, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni kò tó.

Ìpele 7: Álọ́ọ̀mù, fún ohun tí asẹ́ kò lè mú

Tí pọ́ǹpù bá lè ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, asẹ́ nìkan lè gbá òkú ewé omi ní ọjọ́ díẹ̀, ẹ fo ìpele yìí. Tí iná kò bá gbà bẹ́ẹ̀, álọ́ọ̀mù yá jù. Gíráàmù 40 fún kúbíìkì mítà kan tó: 40 × 60 jẹ́ kílò 2.4.

Ẹ dúró kí kilorínì wálẹ̀ kúrò ní 10, kí ẹ lè wọn pH ní òótọ́. Kó wà láàárín 7.2 àti 7.6. Ẹ po álọ́ọ̀mù nínú omi garawa títí yóò fi yòrò, ẹ gbé fáàfù sí `RECIRCULATE` (ẹ pa pọ́ǹpù kí ẹ tó yí i), ẹ dà á yí ká, kí omi yí fún wákàtí kan sí méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ pa pọ́ǹpù pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan omi mọ́jú. Ìdọ̀tí yóò so pọ̀ bí òwú, yóò sì rọra balẹ̀. Tí ẹ bá fi fáàfù sí `FILTER`, gbogbo rẹ̀ ni yóò lọ lẹ̀ mọ́ yanrìn, yanrìn á dì bí búlọ́ọ̀kù.

Ní òwúrọ̀, ẹ gbé fáàfù sí `WASTE`, kí ẹ fi orí fákúùmù fa ìsàlẹ̀ síta. Ẹ rọra rìn. Tí ẹ bá ń sáré, òwú náà á fò dìde, ẹ ó sì dúró de alẹ́ mìíràn. Omi adágún yóò fà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ́ọ̀sì omi tuntun máa rọ wọlé bí ẹ ti ń fa á.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ dúró sí bèbè ẹsẹ̀ tó jìn. Àwọn ihò kéékèèké orí ìdérí ojú ìṣàn ìsàlẹ̀ ni kí ẹ lè kà. Tí ẹ bá kàn ń rí i bí òjìji, kò tíì tó láti jẹ́ kí ènìyàn wọ̀ ọ́, nítorí ẹni tó bá rì síbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò rí i.

Ìpele 8: Ẹ dá álíkálínítì padà, kí ẹ tó ṣí adágún

Ásíìdì àti álọ́ọ̀mù ti jẹ nínú álíkálínítì. Nínú àpẹẹrẹ wa, ásíìdì mú bíi 13 lọ, álọ́ọ̀mù mú bíi 20; 100 ti di nǹkan bí 67. Ẹ wọ̀n ọ́n kó dá yín lójú. Láti gbé e sókè ní 20, sódà báíkábónéètì kílò 2 tó fún lítà 60,000. Ẹ pò ó, ẹ dà á yí ká, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kejì. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pH kò ní dúró sójú kan: òjò kan ṣoṣo lè tì í wálẹ̀.

Ẹ ṣí adágún nígbà tí kilorínì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bá ti wálẹ̀ sí 5 tàbí kó dín, tí pH wà láàárín 7.2 àti 7.6, tí ẹ sì ń rí ihò ìdérí ìsàlẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn lọ

Ẹ wọn kilorínì àti pH lójoojúmọ́, ní òwúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ omi, àti ní ìrọ̀lẹ́. Pẹ̀lú sitabiláísà 30, ẹ má jẹ́ kí kilorínì bọ́ sísàlẹ̀ 2, kó sì wà láàárín 3 àti 4 tí àwọn tó ń wẹ̀ bá pọ̀. Adágún tó wà lójú oòrùn lè pàdánù bíi 2 lójúmọ́. Fún tiwa, gíráàmù 185 nírọ̀lẹ́ ni yóò dí i. Kí pọ́ǹpù yí gbogbo omi ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́: pọ́ǹpù tó ń gbé kúbíìkì mítà 10 ní wákàtí kan nílò wákàtí mẹ́fà, mẹ́jọ sì dára jù. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ wọn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà ọyẹ́, eruku ló ń kún asẹ́, ẹ máa wo géèjì.

Ohun kan ló kù, òun ló sì máa ń rú ọ̀pọ̀ máníjà lójú. Kilorínì tábílẹ́ẹ̀tì rọrùn, ẹ kàn jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ tó ń léfòó, ṣùgbọ́n sitabiláísà wà nínú gbogbo tábílẹ́ẹ̀tì. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí tábílẹ́ẹ̀tì bá fi kilorínì 10 ppm sínú omi, sitabiláísà bíi 6 ń bá a wọlé. Oòrùn ń jẹ kilorínì, kò lè jẹ sitabiláísà. Tí ẹ bá ń fi tábílẹ́ẹ̀tì lo kilorínì 2 ppm lójúmọ́, ní oṣù kan sitabiláísà ti fi 36 pọ̀ sí i. Ní oṣù kẹta ó ti kọjá 100, agboòrùn ti wúwo ju ẹni tó gbé e lọ: ẹ̀rọ ìwọ̀n ń fi kilorínì 3 hàn, pH dára, omi sì tún ń di ewédú. Kò sí oògùn tó wọ́pọ̀ lọ́jà tí yóò yọ ọ́. Ẹ ó da omi nù ni. Tó bá jẹ́ 120 tí ẹ sì fẹ́ 60, ìdajì omi gbọ́dọ̀ lọ, lítà 30,000, kí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹ má gbẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan ní àkókò òjò, nítorí omi inú ilẹ̀ lè ti adágún òfìfo sókè kó sì là á. Ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò gba ìgbà mẹ́ta kí ó tó wálẹ̀ dé nǹkan bí 50.

Nígbà tí ẹ bá ti dé ibẹ̀, kilorínì oníhóró ni kí ẹ padà sí, kí tábílẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kò bá sí nílé. Ẹ máa wọn sitabiláísà ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri, lábẹ́ iye omi tí ẹ ti kọ síbẹ̀.